Ẹni Tí Yóò Dáni Láṣọ: Bí Olùdíje Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Gbà Gbọ́

Bí àsìkò ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dé ní yunifásítì, ògiri kì í rí ìsinmi. Pósítà á lẹ̀ mọ́ ara igi, á lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ, wọn á tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ kórópe tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kíláàsì. Lórí rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ká apá mọ́ àyà nínú kóòtù tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ti kọ “Kọ́mírédì” síwájú orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rántí ìjà kan ṣoṣo tó bá ẹnikẹ́ni jà. Lábẹ́ orúkọ náà ni wọ́n á ti kọ ọ́ pé òun ni ohùn àwọn tí kò lóhùn.

Pósítà kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ wà, nítorí kò sẹ́ni tó ń retí òótọ́ lára pósítà. Ohun tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ tí olùdíje fúnra rẹ̀ jókòó kọ, tó fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ti họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì kà lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó sùn. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ ọ́, àwọn kan á fi Yorùbá díẹ̀ là á, ṣùgbọ́n ìfọ́nnu ò mọ èdè. Àwọn tó ń kà á ni wọ́n jọ ń pọn omi ní ẹ̀rọ kan náà, wọ́n jọ ń tò fún oúnjẹ, wọ́n mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń rí ọrùn ara wọn lójoojúmọ́.

Ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ ń wó ni ibi tí olùdíje ti ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ ipò tó ń wá. Ẹ mú ipò akọ̀wé ìgbáyégbádùn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, iṣẹ́ ẹni tó wà nípò yìí ni láti gba ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ilé gbígbé, omi, oúnjẹ, ọkọ̀ àti ilé ìwòsàn, kó sì gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ. Owó tó lè ná ni èyí tí ilé aṣòfin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fọwọ́ sí láti inú owó ẹgbẹ́. Kò ní kọ́kọ́rọ́ àpò yunifásítì lọ́wọ́, kò sì lè pàṣẹ fún ọ̀gá wọ́dìn tàbí fún ẹ̀ka àtúnṣe. Gbogbo èyí wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́, tí ọ̀pọ̀ olùdíje kì í ṣí títí wọ́n á fi búra fún wọn.

Nítorí náà, nígbà tí olùdíje bá kọ ọ́ pé iná ò ní í kú mọ́, ẹni tó bá ń ka ìròyìn á rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó iná àwọn oníbàárà ìpele kìíní, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí iná wọn má dín ní wákàtí 20 lóòjọ́, kúrò ní nǹkan bíi náírà 66 sí náírà 225 fún ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Yunifásítì tó bá wà lórí ìlà yẹn, ọ̀gá àgbà pàápàá ń fọwọ́ lérán ni. Akọ̀wé ìgbáyégbádùn wo ló fẹ́ san án? Ṣùgbọ́n ó lè béèrè pé kí wọ́n máa lẹ wákàtí tí iná máa wà mọ́ pátákó họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ìgbà tí yóò kàwé àti ìgbà tí yóò lọ aṣọ. Ìlérí kékeré ni o, àmọ́ ẹni tó ṣe é lè mú un ṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo olùdíje kan. Ọmọbìnrin ni, ó wà ní ọdún kẹta, ó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin, ó sì ti ṣe aṣojú àjà kẹta rí. Ipò akọ̀wé ìgbáyégbádùn ló ń wá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ rèé:

“Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́lá jù lọ! Àsìkò ti tó! Aṣáájú tí ẹ ti ń retí ti dé! Pẹ̀lú ìrírí tí kò lẹ́gbẹ́ àti ìfara-ẹni-jìn tí kò láàlà, èmi ni mo fòpin sí ìṣòro omi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Ẹ dìbò fún mi, omi kò ní í tán mọ́, iná kò ní í kú mọ́, owó ọkọ̀ á wálẹ̀, oúnjẹ á dẹ̀rọ̀. Ẹ má ṣe dán àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe wò. Èmi ni ìdáhùn!”

Ọmọ náà kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tó kà ní sáà ìdìbò mẹ́ta sẹ́yìn ló kọ, torí ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ wo ohun tó ti fi sọnù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó jẹ́ tirẹ̀, èyí tó sọ nípa omi, òun gan-an ló sì bà jẹ́ jù. “Èmi ni mo fòpin sí ìṣòro omi.” Aṣojú àjà kejì máa kà á. Ọmọbìnrin àjà kẹrin tó gbé garawa gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá náà máa kà á. Ẹnì kan nínú wọn á kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀, gbólóhùn yẹn ni gbogbo ayé á sì máa gbé kiri. Gbogbo èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi orúkọ olùdíje mìíràn sí i, kò ní í yí padà.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó fi bírò sílẹ̀, kó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan tí kò ní í pọ́n ọn bi í léèrè: Kí lo ṣe gan-an? Ta ni ẹ jọ ṣe é? Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀? Kí ni ò bọ́ sí i? Ìbéèrè kẹta ló máa ń le jù, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó dùn mọ́ olùdíje tiwa yìí pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kan tó ní ìlà, ọjọ́ lápá òsì, “dé” tàbí “kò dé” lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn tó dáhùn tán, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ báyìí:

“Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní sáà tó kọjá, omi kì í sábà dé àjà kẹta àti ìkẹrin họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Èmi ni aṣojú àjà kẹta nígbà náà.

Àwa aṣojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ kọ ọjọ́ tí omi dé àti ọjọ́ tí kò dé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ọjọ́ 21, ọjọ́ 6 ni omi dé òkè. A mú ìwé náà lọ bá wọ́dìn, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka àtúnṣe. Òṣìṣẹ́ tó gorí òrùlé rí i pé bọ́ọ̀lù tó ń dá omi dúró nínú táǹkì ti há, táǹkì kì í sì í kún. Díẹ̀ tó bá wọlé, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ti lò ó tán. Wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀lù náà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, omi dé òkè ní ọjọ́ 17. Ọjọ́ 4 tó kù, iná ni kò sí tí pọ́ǹpù ò fi ṣiṣẹ́. A ò tíì rí ìyẹn yanjú. A tún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn di aago mẹ́wàá alẹ́. Wọn ò gbà.

Mò ń díje fún ipò akọ̀wé ìgbáyégbádùn. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ kí á máa kọ ọjọ́ omi sílẹ̀ ní gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, kí á sì máa mú un lọ bá ẹ̀ka àtúnṣe. Owó bébà nìkan ló máa ná wa. Mo tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ pé kí jẹnẹrétọ̀ máa gbé pọ́ǹpù omi fún wákàtí kan ní ìdájí ọjọ́ tí iná kò bá sí. Ọwọ́ wọn ni ìyẹn wà. Tèmi ni láti béèrè, kí n sì wá sọ ohun tí wọ́n wí fún yín. Mi ò lè ṣèlérí iná.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí a bá búra fún mi, màá lẹ ohun tí a ṣe àti ohun tí a ò rí ṣe mọ́ pátákó họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ò bá rí i lọ́jọ́ náà, ẹ bi mí.”

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì ní ariwo nínú. Síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé àjà kẹrin, mo mọ èyí tí màá gbà gbọ́. Ohun tí ń múni gbà á gbọ́ kì í ṣe pé ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ohun tí ẹlòmíràn lè lọ wádìí. Ìwé náà wà. Wọ́dìn wà. Òṣìṣẹ́ tó gorí òrùlé wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, ó mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn.

Ẹ wo bó ṣe pín iyì náà. Ó mú tirẹ̀, ó ní òun ni aṣojú àjà kẹta, kò fi ara rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n aṣojú mẹ́ta yòókù wà níbẹ̀, wọ́dìn wà níbẹ̀, ẹni tó pààrọ̀ bọ́ọ̀lù sì wà níbẹ̀. Àwọn olùdíje kan máa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá dárúkọ ẹlòmíràn, iṣẹ́ tàwọn á kéré lójú. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Aṣojú mẹ́ta tí ó mẹ́nu kàn yẹn ló máa kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àjà tiwọn, torí iṣẹ́ tiwọn náà ló wà nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹlòmíràn ló ń ki ni. Ẹni tó bá dá ara rẹ̀ kì lójú agbo, àwọn tó wà níbẹ̀ á máa wojú ara wọn.

Ibi tí ó ti sọ pé “Wọn ò gbà” ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fẹ́ kó yọ ọ́, á ní àwọn alátakò máa fi ṣe é lẹ́sẹ̀. Kó má yọ ọ́. Gbólóhùn kúkúrú yẹn ló mú kí ọjọ́ 17 ṣeé gbà gbọ́. Ẹni tó lè sọ ibi tí kò ti borí, a ò ní fura sí i níbi tó ti ní òun borí. Àmọ́ o, ohun tí wọn ò gbà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rí ọ̀rọ̀ tí olùdíje ti kọ ọ́ pé àléébù òun kan ṣoṣo ni pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ jù. Ìfọ́nnu tó wọ agbádá ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn.

Èyí mú mi dé orí àwọn tó gba apá kejì já bọ́. Wọ́n gbọ́ pé ìfọ́nnu ò dáa, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé àwọn ò tó nǹkan kan, pé àwọn èèyàn ló fi tipátipá mú àwọn jáde, pé ìránṣẹ́ lásán làwọn. Èyí náà kò ṣeé gbà gbọ́. Ẹni tó ra fọ́ọ̀mù, tó lọ fún àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí, tó tẹ pósítà, kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú un. Ó sàn kó sọ ọ́ gbangba pé òun fẹ́ ipò náà, kó sì sọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ iye tún wà níbẹ̀. Iye tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí ẹni tó ń kà á lè fi ìyà tirẹ̀ wọ̀n. Ọdún 1978 fi èyí hàn kedere. Nígbà tí ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kúrò ní 50 kọ́bọ̀ lóòjọ́ sí náírà kan ààbọ̀, gbogbo ọgbà ẹ̀kọ́ gbiná káàkiri Nàìjíríà. Ṣẹ́gun Òkéowó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà náà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali sì ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. “Kí Álì máa lọ” ni wọ́n ń pariwo. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà nígbẹ̀yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dá òmíràn sílẹ̀ lọ́dún 1980. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ́jọ́ wọ̀nyẹn tó nílò àlàyé lórí 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan ààbọ̀. Ikùn rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un. Ọjọ́ 6 nínú 21 náà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gbé àjà kẹrin. Bí olùdíje bá kọ ọ́ pé ìgbáyégbádùn ti gbèrú sí i ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ta ló wọ̀n ọ́n?

Nípa ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà dé ọwọ́ èèyàn, díẹ̀ ni mo ní í sọ. Wásáàpù máa ń gé ọ̀rọ̀ gígùn mọ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù á tẹ̀ ẹ́ kó tó rí i. Nítorí náà, bí ó bá fi ìkíni àti oyè kún ìlà mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ò ní í débi omi. Àwòrán tó bá lọ pẹ̀lú rẹ̀, kó jẹ́ ti ojú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ omi sí, tí ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn lórí rẹ̀, kí ó bo orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀. Kó sì rí i dájú pé àjọ elétò ìdìbò ti ní kí ìpolongo bẹ̀rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, nítorí ẹni tó bá ṣáájú àsìkò lè rí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí wọ́n yọ kúrò.

Kí n má tan ẹnikẹ́ni jẹ, ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbà gbọ́ kì í dá mú ìbò wọlé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá pọ̀ lérò máa ń gbé ọmọ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn tó jọ gba bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn ní olùdíje tí wọ́n ti fọkàn sí kí ẹnikẹ́ni tó kọ gbólóhùn kan. Olùdíje tó pín búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò lè na ọmọ olómi wa yìí lójú méjèèjì. Àwọn tí irú ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń mú ni àwọn tí kò tíì mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún, àti àwọn tó ti pinnu pé àwọn ò ní í jáde rárá nítorí wọ́n ti gbọ́ ìlérí tó pọ̀ jù. Níbi tí àwọn olùdíje bá ti sún mọ́ra, àwọn wọ̀nyí lè pọ̀ tó láti yí èsì padà.

Iṣẹ́ tó le jù ń bẹ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde, nígbà tí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ẹnì kan á béèrè pé, “Àbúrò, ṣé ọ̀rọ̀ omi nìkan ni ìwọ mọ̀ ni? Owó kórópe ńkọ́?” Ìdánwò ńlá nìyẹn, torí ibẹ̀ ni ẹnu ti ń dùn-ún ròfọ́. Ìdáhùn tó yẹ á rí bí èyí: “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan lórí owó ọkọ̀, mi ò sì tíì mọ ẹni tó ń dá iye rẹ̀ lé láàárín ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti ọ́fíìsì yunifásítì. Mo máa lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lọ́la, màá sì kọ ohun tí mo bá gbọ́ síbí lọ́jọ́ Fúráídè.” Lọ́jọ́ Fúráídè, kó kọ ọ́ lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó gbọ́ ni pé ọ̀gá tó yẹ kó rí kò sí lórí ìjókòó.

Ẹlòmíràn á sì ní irọ́ ni, pé omi dé ní ọjọ́ kan tí ìwé wọn ní kò dé. Kó má bá a jà. Kó ṣí ìwé wò. Bí ó bá jẹ́ pé aṣojú àjà kejì ló ṣì í kọ, kó kọ àtúnṣe náà bí ọ̀rọ̀ tuntun: “Ọjọ́ 7 ni, kì í ṣe 6. Ẹ ṣeun tí ẹ rí i.” Wásáàpù gbà kí èèyàn tún ọ̀rọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá ti kà á, tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn, yíyí iye padà ní kọ̀rọ̀ á jẹ́ kí ẹ̀dà méjì máa rìn kiri, ẹni tó bá ní èyí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ á sì ní olùdíje ń fi nǹkan pamọ́.